Wọ́n ní gọ́lì ni ọmọ mi ń dúró sí nínú kíríkẹ́ẹ̀tì. Ibo gan-an nìyẹn?

ÌyáTìmí
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè mi yìí lè pa yín lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ bá mi dá sí i. Kent là ń gbé, ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá sì ti wọ ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi ti dàgbà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni mo lè dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n fi í sí ibi kan tí wọ́n ń pè ní míìdì-wíkẹ́ẹ̀tì. Ó dúró síbẹ̀ bí òpó iná. Nígbà tó ṣe díẹ̀, kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ rẹ̀ pé kó lọ sí àyè rẹ̀. Ọmọ ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ìgbà tí a wọ mọ́tò tán, omi ti lé ròrò sí i lójú: "Mọ́mì, ibi tí wọ́n fi mí sí náà ni mo wà o, mi ò yẹsẹ̀ rárá." Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n tún gbé e lọ síbòmíràn, wọ́n ní gọ́lì nìyẹn. Bọ́ọ̀lù kan fò kọjá létí rẹ̀ fìì! Díẹ̀ ló kù kí n já wọ inú pápá. Bàbá òyìnbó tó jókòó tì mí ń ṣàlàyé sílíìpù, ó ń ṣàlàyé póíńtì, èmi kàn ń mi orí bí alángbá ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìkọ̀ọ̀kan wọn wà, kí ni wọ́n sì ń ṣọ́ níbẹ̀? Ṣé ibi tó yẹ ọmọdé ni gọ́lì yẹn?

Bọ́dẹ_Houston
Àǹtí, ẹ má fòyà. Bíi béèsìbọ́ọ̀lù tiwa níbí náà ló rí, ọmọ tèmi ń gbá a. Iwájú ẹni tó di igi mú ni gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ pápá máa ń wà, àfi ẹni kan ṣoṣo tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ fún kóòṣì kó gbé Tìmí lọ sí iwájú lọ́hùn-ún, níbi tó jìnnà. Bọ́ọ̀lù kì í sábà débẹ̀.

Alàgbà_Sílíìpù
Bọ́dẹ, o ṣeun, àmọ́ ibi tí eré méjèèjì ti pínyà gan-an lo fọwọ́ bà yẹn. Nínú béèsìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tó bá gba ẹ̀yìn lọ kò wúlò fún ẹni tó gbá a. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ibi gbogbo ni ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù lè kàn fi ara ra etí bàátì, kó gba ẹ̀yìn yí lọ títí dé ààlà pápá, wọ́n á sì ka ayò mẹ́rin fún un. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi èèyàn ṣọ́ ẹ̀yìn. Èèyàn 11 sì ni gbogbo wa. Yọ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti kípà tó wà lẹ́yìn igi mẹ́ta kúrò, ó ku 9 fún odindi pápá tó yí ká. Wọn ò lè tó láé. Níbi tí balógun bá ti rò pé bọ́ọ̀lù yẹn máa gbà, ibẹ̀ ló ń fi èèyàn sí.

Ìyá Tìmí, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yìí kọ́kọ́. Ẹ wo ẹni tó ń gbá. Kì í kọjú sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń dúró. Ìhà tí àyà rẹ̀ kọjú sí ni wọ́n ń pè ní ọ́ọ̀fù, ìhà tó kẹ́yìn sí ni lẹ́ẹ̀gì. Sílíìpù, gọ́lì, póíńtì, kọ́fà, ìhà àyà ni gbogbo wọn wà. Míìdì-wíkẹ́ẹ̀tì wà ní ìhà ẹ̀yìn. Ó dáa. Tí ọlọ́wọ́ òsì bá wá dúró síbẹ̀ ńkọ́? Àyà rẹ̀ á kọjú sí òdìkejì. Pápá kò yí, èèyàn ló yí. Ibi tí Tìmí dúró sí, tó jẹ́ míìdì-wíkẹ́ẹ̀tì fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ó ti di kọ́fà fún ọlọ́wọ́ òsì láìjẹ́ pé ó gbé ẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn yòókù ti kọjá, òun nìkan ló dúró. Á wá di pé ọmọ méjì ń ṣọ́ kọ́fà, kò sì sí ẹnì kankan ní míìdì-wíkẹ́ẹ̀tì. Bóyá ohun tó ń bí kóòṣì nínú nìyẹn.

ÌyáTìmí
Yéè! Ọlọ́wọ́ òsì ni lóòótọ́ o! Ọmọbìnrin kan tó so irun méjì ni, mo rí i pé bó ṣe ń dúró yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Áà, ọmọ mi, mo tún bá a wí nínú mọ́tò.

Adé_Peckham
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ní ti gọ́lì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ púpọ̀ dà yín lọ́kàn rú. Gọ́lì àti póíńtì, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń gbá ni méjèèjì. Gọ́lì kàn sún mọ́ ọn ni, póíńtì jìnnà. Mo ti ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì lórí tẹlifíṣàn láti kékeré.

Alàgbà_Sílíìpù
Adé, ìdajì rẹ̀ lo mú. Òótọ́ ni pé gọ́lì máa ń sún mọ́ ju póíńtì lọ, àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́.

Ìyá Tìmí, ẹ gbé agogo ògiri kan sílẹ̀ sórí tábìlì. Ẹni tó ń gbá wà láàárín rẹ̀, ká sọ pé ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti 12, kípà wà ní 6. Póíńtì wà ní 3, ní ọ̀gangan ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń gbá. Gọ́lì ti sún sẹ́yìn díẹ̀, ó wà ní nǹkan bíi 4. Àwọn sílíìpù tò láti ẹ̀gbẹ́ kípà bọ̀, láàárín 6 sí 5. Wọ́n lè jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n lè tó mẹ́rin. Kọ́fà wà ní 2. Ẹ kọjá sí òdìkejì, míìdì-wíkẹ́ẹ̀tì wà ní 10. Tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ fi dígí wo agogo náà.

Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni etí bàátì. Tí bọ́ọ̀lù bá kan etí yẹn bín-ín-tín, ọ̀nà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yà, kípà tàbí sílíìpù kìíní ló máa bá níbẹ̀. Tó bá kan bàátì jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, sílíìpù kejì tàbí ẹ̀kẹta ni. Tó bá kàn án gan-an ṣùgbọ́n tí kò dé àárín, bíi kí ọmọ nawọ́ síta láti nà án kó má sì ká a, gọ́lì ló ń fò lọ bá. Tó bá wá fi àárín bàátì gé e bó ṣe fẹ́, ọ̀dọ̀ póíńtì ló ń lọ, ilẹ̀ ló sì máa ń gbà jù. Nítorí náà, láti 6 dé 3 lórí agogo yẹn, bí bàátì ṣe mú bọ́ọ̀lù tó ni ẹ ń wò. Àṣìṣe ni sílíìpù àti gọ́lì ń retí. Póíńtì ń retí ẹni tó gbá a dáadáa.

Fún ìdí èyí, Adé, iṣẹ́ wọn kò papọ̀. Ẹni tó wà ní gọ́lì ń lóṣòó síbẹ̀ kó lè hán bọ́ọ̀lù kó tó kanlẹ̀, kí ẹni tó gbá a lè jáde ni. Ẹni tó wà ní póíńtì ní láti sáré, kó dá bọ́ọ̀lù dúró nílẹ̀, kó sọ ọ́ padà kí wọ́n tó sáré dé òdìkejì. Ìwọ tó ń wo tẹlifíṣàn, o mọ Jonty Rhodes ará South Africa. Ní 1992, nínú ìdíje ife àgbáyé ní Brisbane, ó gbá bọ́ọ̀lù mú, ó sáré, ó fi gbogbo ara fò lu igi mẹ́ta láti fi lé Inzamam-ul-Haq ará Pakistan jáde. Póíńtì tó sún sẹ́yìn díẹ̀ ni ibùdó rẹ̀. Ẹni tó ń lóṣòó ní gọ́lì kò lè ṣe ìyẹn.

Adé_Peckham
Ẹ ṣeun sà, mo gbà. Àmọ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé póíńtì lè sún sẹ́yìn. Tó bá sún sẹ́yìn dé 4, tó wá wọlé díẹ̀, kí ni orúkọ rẹ̀? Ṣé ẹ rí i pé mo ní ẹjọ́ díẹ̀?

Alàgbà_Sílíìpù
O ní díẹ̀. Kò sí ẹni tó fi okùn wọn ìyẹn. Mo ti rí balógun méjì tí wọ́n ń pe ibì kan náà ní orúkọ méjì.

Adájọ́_Essex
Ẹ kú ìjókòó o. Mo máa ń ṣe adájọ́ eré àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ohun tí ìyá béèrè tí gbogbo yín fò kọjá: ṣé ibẹ̀ yẹ ọmọdé?

ECB, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì níbí, ní ìlànà lórí rẹ̀. Ọmọ tó wà ní ẹgbẹ́ àwọn tí kò tíì pé 13 kò gbọdọ̀ sún mọ́ igi àárín ju yáàdì 11 lọ, ìyẹn mítà 10, títí ẹni tó ń gbá á fi fi bàátì sí i. Fún àwọn tí kò tíì pé 15, yáàdì 8 ni. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí mà: ìlànà yìí yọ ẹ̀yìn igi ní ìhà ọ́ọ̀fù sílẹ̀. Ìyẹn ni pé kò ká sílíìpù àti gọ́lì mọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó lóṣòó sítòsí níwájú lè gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi gbogbo agbára gbá sí àyà. Èyí tó ń lọ sẹ́yìn, etí bàátì ló sábà máa ń kàn.

Nítorí náà, ojú àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ló ń ṣọ́ ọmọ tó wà ní gọ́lì. Ohun tí èmi fi ń mọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra láti orúnkún, ó ti sún mọ́ jù, mo máa ń ní kó sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì mẹ́ta. Èyí tí ẹ ní ó kọjá létí rẹ̀ fìì yẹn, ẹ bi í bóyá ó rí i. Tó bá rí i tí kò kàn lè dé ibẹ̀ ni, kò sí ewu. Tó bá ní ariwo rẹ̀ lòun gbọ́, ẹ lọ bá kóòṣì.

Ohun kan tún wà. Àwọn ọmọ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ọmọ tó wà ní gọ́lì á máa yọ́ wá síwájú díẹ̀díẹ̀, kó lè rí eré dáadáa, títí á fi dé ọ̀gangan póíńtì láìjìnnà sí bàátì. Ìgbà yẹn, kò sí lẹ́yìn igi mọ́, ìlànà mítà 10 ti mú un. Mo máa ń dá eré dúró nítorí rẹ̀, àwọn òbí a sì máa fojú burúkú wò mí.

ÌyáTìmí
Mo bi í. Ó ní òun rí i, ó kàn yára ju òun lọ ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣeun, àǹtí adájọ́.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní TBS l'Ékòó ni mo ti gbá a nígbà tí mo ṣì ní egungun. Balógun wa fi mí sí sílíìpù kìíní nítorí pé mi ò lè sáré, ó rò pé ibùdó ọ̀lẹ ni. Orí kànkéré tí wọ́n tẹ́ mátíìnì lé ni a ń ju bọ́ọ̀lù sí lọ́jọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù sì ń ta bí ẹ̀pà inú agbada. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kípà, èjìká mi kan èjìká rẹ̀ tán. Bọ́ọ̀lù kan kúrò ní etí bàátì, egungun ọrùn mi ló bà, mi ò tíì nawọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, orí pápá koríko tó tutù, mo ti kọ́gbọ́n, mo sún sẹ́yìn lọ jìnnàjìnnà. Ọ̀kan tún wá, ó já sílẹ̀ níwájú mi, gbogbo ẹgbẹ́ dìde sí mi.

Kípà àgbà kan ló wá kọ́ mi: ibi tí bọ́ọ̀lù ń dé sí lára kípà ni kí o máa wò. Tó bá ń gbà á ní ìbàdí, àyè yín dáa. Tó bá ń gbà á ní kókósẹ̀, ẹ sún síwájú. Tó bá ń fò lọ sí ojú rẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn. Sílíìpù máa ń wà lẹ́yìn kípà díẹ̀ tí ẹni tó ń jù ú bá yára. Ní ti àlàfo tó wà láàárín sílíìpù kan sí èkejì, kí ẹ̀yin méjèèjì na apá, kí ìka yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Tí ẹ bá sún mọ́ra jù, ẹni méjì á nawọ́ sí bọ́ọ̀lù kan, kò sì ní sẹ́ni tó máa mú un.

Ẹ sọ fún Tìmí pé kó má gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ ẹni tó ń jù ú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hán an nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Alàgbà_Sílíìpù
Ẹ̀gbọ́n mi, ní sílíìpù kìíní, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè tọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn pẹ̀lú ojú, nítorí pé ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wà. Láti sílíìpù kejì dé gọ́lì, etí bàátì ni kí wọ́n máa wò. Ẹ̀gbẹ́ lẹni tó wà ní gọ́lì ti ń wò ó. Tó bá ń tọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn pẹ̀lú ojú, kí ojú rẹ̀ tó yí, bọ́ọ̀lù ti kọjá.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Mi ò gbà pátápátá. Mo dúró ní gọ́lì fún sáà méjì, bọ́ọ̀lù náà ni mo ń wò, mo sì hán tèmi.

Adé_Peckham
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá tí gbogbo yín mọ̀. 6 oṣù kẹjọ 2015, Trent Bridge, Nottingham. Australia kó ayò 60 péré, gbogbo wọn jáde. Stuart Broad ti England ló lé mẹ́jọ jáde, ó sì jẹ́ kí wọ́n gba 15 péré lọ́wọ́ òun. Àwọn mẹ́jọ yẹn, hínhán ni wọ́n hán gbogbo wọn: Cook méjì, Root mẹ́ta, Bell ọ̀kan, Stokes méjì. Èyí tí Stokes hán lára Adam Voges ni mo ń sọ. Bọ́ọ̀lù ti ń kọjá lọ sẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, ó fò, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo já a gbà. Broad fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. Ṣé etí bàátì ló ń wò ni àbí bọ́ọ̀lù?

Alàgbà_Sílíìpù
Ìyẹn, òun nìkan ló lè dáhùn. Ohun tí èmi fẹ́ kí ìyá Tìmí rí níbẹ̀ ni ibi tó dúró sí. Sílíìpù karùn-ún ni wọ́n pè é lọ́jọ́ náà. Ẹ ka sílíìpù láti ẹ̀gbẹ́ kípà dé karùn-ún, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gọ́lì nìyẹn. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni Voges, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún Stokes ni ìhà tó ṣófo lọ sí póíńtì, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù sì gbà. Balógun tó bá kó èèyàn tó bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, ó ti fi ibòmíràn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù kò bá yà kiri lójú òfuurufú, wọ́n á gbá a gba àyè tó ṣófo yẹn lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé míìdì-wíkẹ́ẹ̀tì, ibi tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá wá sí ọ̀gangan ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá, ọrùn ọwọ́ ló máa fi yí i síbẹ̀. Èyí tó bá kúrú tó sì ga, á fà á síbẹ̀. Nínú eré àwọn ọmọdé, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí, torí pé wọ́n máa ń fi bàátì gba ìdábùú bí ẹni ń fi àdá ṣán koríko, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó lọ tààrà á yà síbẹ̀. Kóòṣì tó fi ọmọ sí míìdì-wíkẹ́ẹ̀tì kò fi í pamọ́. Kó máa rìn wọlé díẹ̀ bí ẹni tó ń jù ú bá ti ń sáré bọ̀, kó má dúró bí òpó iná tí ẹ wí yẹn.

ÌyáTìmí
A ti fi àwo oúnjẹ ṣe agogo. Ìgò iyọ̀ ni ẹni tó ń gbá, ẹran mẹ́ta ni sílíìpù, wọn ò sì pẹ́ níbẹ̀. Tìmí ní kí n bi yín: tí ọlọ́wọ́ òsì bá wà ní òdì kan, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ní òdìkejì, tí wọ́n ń gba ayò ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ òdì, ṣé gbogbo ìgbà ni òun á máa sáré kọjá pápá?

Alàgbà_Sílíìpù
Ìbéèrè ọmọ tó lọ́gbọ́n nìyẹn. Ìyà tí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ fi ń jẹ wá ni. Kó bá ọmọ tó wà ní kọ́fà sọ̀rọ̀. Kí àwọn méjèèjì dúró síbi tí wọ́n wà, kí orúkọ yí: míìdì-wíkẹ́ẹ̀tì á di kọ́fà, kọ́fà á di míìdì-wíkẹ́ẹ̀tì. Jíjìn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kí wọ́n kàn tún un ṣe ní ìṣísẹ̀ díẹ̀. Àwọn sílíìpù àti gọ́lì ni kò rọ́gbọ́n dá sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ kọjá sí apá kejì kípà. Àmọ́ kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ balógun, torí pé ó lè jẹ́ ọwọ́ Tìmí gan-an ló fẹ́ níbẹ̀.

Bọ́dẹ_Houston
Ẹran mẹ́ta lórí àwo, ẹ̀ ń pè é ní sílíìpù. Mo padà sí béèsìbọ́ọ̀lù mi o.